Wọ́n Sún Un Síwájú

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ níwájú mi pé ẹni tó bá ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè túmọ̀ ìròyìn, màá bá a jà. Mi ò ṣàwàdà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ka ìròyìn Yorùbá lórí rédíò, mo sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè fi ojú ọmọ ènìyàn rí.

Ẹ̀gbẹ́dá ni ilé iṣẹ́ wa wà nígbà náà, ní àjà kejì ilé kan tí wọ́n ti ń ta tìmùtìmù ní ìsàlẹ̀. Ayé ológun ni. Ẹ̀rọ tó ń gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ àwọn akóròyìnjọ wà ní igun yàrá, a máa pariwo, a máa pọ bébà sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fa bébà náà ya, kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ di Yorùbá tí ìyá arúgbó kan ní Ìkòtún máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò ní bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí ni wọ́n wí. Rédíò kì í ṣe ìwé. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ kò lè ṣí ojú ewé padà.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá, nígbà tó ku ogójì ìṣẹ́jú kí aago méjìlá ọ̀sán lù, ẹ̀rọ náà pọ ìròyìn kan jáde. Ìjọba ìpínlẹ̀ fẹ́ wó gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ sábẹ́ wáyà iná alágbára tó gba Ìgàndó kọjá. Mo jókòó tì í. Edict ni wọ́n pe òfin tí wọ́n gùn lé; mo kọ ọ́ ní «òfin ìjọba ológun ìpínlẹ̀», torí pé decree ni ti ìjọba àpapọ̀, bí mo bá sì kọ «òfin ìjọba ológun» lásán, àwọn ènìyàn á rò pé Àbújá ló pàṣẹ. Structures ni wọ́n ní àwọn máa wó. Mi ò kọ «ilé» nìkan, torí ẹni tó ní ìsọ̀ tàbí ọgbà á ní kò kan òun. Mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n dá. Mo kọ ọ́ pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ́wọ́ ọ̀tún wáyà, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ́wọ́ òsì.

Ìlà tó kẹ́yìn ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní iṣẹ́ náà, tí wọ́n ti dá sí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù, «has been brought forward by two weeks».

Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń wí ni pé wọ́n ti fa ọjọ́ náà wá sítòsí. Ọ̀sẹ̀ méjì kúrò nínú ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ọjọ́ kẹrìnlá ló kù. Ọjọ́ Ajé nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Àbúrò ìyá mi, Àǹtí Matilda, tó ń rán sútánà fún àwọn Aládùúrà, abẹ́ wáyà yẹn gan-an ni ilé rẹ̀ wà. Opó ni. Iyàrá méjì àti ìsọ̀ iwájú ilé, ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ́ ọ.

Mo kọ ọ́ báyìí: «Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni ìjọba ti kọ́kọ́ dá, ṣùgbọ́n wọn kò ní dúró dìgbà náà mọ́. Wọ́n ti fi ọ̀sẹ̀ méjì dín in kù. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, ọjọ́ kẹrìnlá, ni iṣẹ́ náà máa bẹ̀rẹ̀.» Mo gbé e lọ fún ọ̀gá.

Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé Akínbọ́lá ni olórí ẹ̀ka ìròyìn wa. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n òun ló ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì, òun ló sì ní báírò pupa. Bí ìwé kò bá ní ìbuwọ́lùwé rẹ̀, kò gbọdọ̀ wọ sítúdíò. Bó bá sì ti buwọ́ lù ú, ẹni tó ń kà á kò gbọdọ̀ yí ọ̀rọ̀ kan padà. Ó ka ìlà tó kẹ́yìn, ó fa báírò lé e lórí gbàràgàdà.

«Mrs. Àlàó, ta ló fún yín ní ọjọ́ kẹrìnlá? Kò sí níbí.»

«Mo ṣírò ẹ̀ ni, sà. Ọ̀sẹ̀ méjì kúrò nínú—»

«Ẹ túmọ̀, ẹ má ṣírò. Brought, forward. Síwájú ni forward.» Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé: «Wọ́n ti sún iṣẹ́ náà síwájú pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ méjì.»

Orí mi gbóná. Mo ní, «Ọ̀gá, bí adájọ́ bá sún ẹjọ́ síwájú, ṣé wọ́n ti yá a nìyẹn, àbí wọ́n fi falẹ̀? Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ eléyìí máa rò pé oṣù tó ń bọ̀ ni. Ìdàkejì ọ̀rọ̀ lẹ kọ sílẹ̀ yìí!»

«Ẹ̀yin lẹ ń kọ́ mi ní Yorùbá?»

«Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn akóròyìnjọ lórí fóònù kí ẹ bi wọ́n.»

«Fóònù ti kú láti àárọ̀. Madam, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ṣé ẹ máa kà á ni, àbí kí n fún ẹlòmíì?»

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ara mi, torí ìbínú tó wà nínú mi kì í ṣe ti Akínbọ́lá nìkan. Mo lè sọ pé mi ò kà á. Mo rò ó wò. Mo tún ro owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi, mo sì ní nínú ọkàn mi pé bó bá di àárọ̀ ọ̀la, màá lọ sí Ìgàndó, màá sọ fún Àǹtí Matilda fúnra mi. Bí ẹni pé òun nìkan ló ń gbé abẹ́ wáyà. Mo wọ sítúdíò, iná pupa tàn, mo fi ohùn dídùn kà á. Wọ́n ti sún iṣẹ́ náà síwájú pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ méjì. Mo tún kà á ní aago mẹ́rin. Mo tún kà á ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mo bá Àǹtí Matilda nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, aṣọ funfun kún itan rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní, «Wùnmí, Olúwa ṣeun! Wọ́n ti bùn wá láàyè títí di kọkànlá oṣù tó ń bọ̀. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, mo máa ti rí káfíńtà tó máa tú páànù orí ilé yìí, àti àwọn ilẹ̀kùn.»

«Àǹtí, irọ́ ni. Mọ́ńdè yìí ni. Ẹ máa kó ẹrù.»

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ. Alàgbà Ọláfimíhàn, alága àwọn onílé àdúgbò náà, dé pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé lábíyá. Mo ṣàlàyé fún wọn títí ẹnu fi ro mí.

Alàgbà ní, «Ọmọ mi, ṣé ìwọ kọ́ lo sọ̀rọ̀ nínú rédíò lánàá ni?»

«Èmi ni, sà.»

«A gbọ́ ohùn rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo wa la jókòó tì í. Èwo wá ni ká gbà gbọ́ báyìí, ohùn rẹ ti àná, àbí ẹnu rẹ tòní?»

Obìnrin kan láàárín wọn ní àbí mo ti ń bá ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà ṣiṣẹ́ ni. Àǹtí Matilda kò gbè mí lẹ́yìn. Ó ní, «Wùnmí, rédíò kì í ṣeré, jàre.» Ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Mo fi ìbínú wọ mọ́tò padà sí Ẹ̀gbẹ́dá. Kì í ṣe àwọn ni mo bínú sí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ wọn pé kí wọ́n gba ohùn yẹn gbọ́. Wọ́n wá gbà á gbọ́, mo sì ń retí kí wọ́n ṣíwọ́ nítorí pé mo wọ bàtà wá sójúlé wọn.

Èmi ni mo ní ìròyìn aago mẹ́rin lọ́jọ́ náà. Akínbọ́lá kò sí níbẹ̀, ó ti buwọ́ lu ìwé láti àná, ọ̀rọ̀ Ìgàndó kò sì sí nínú rẹ̀ mọ́. Mo ka ìròyìn àkọ́kọ́ tán. Mo gbé ìwé sílẹ̀.

Mo ní: «Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé abẹ́ wáyà iná alágbára ní Ìgàndó, ẹ fetí sílẹ̀. Lánàá, èmi Ọmọ́wùnmí Àlàó kà á fún yín pé ìjọba ti sún wíwó ilé síwájú. Àṣìṣe ni. Wọn kò sún un síwájú. Wọ́n fà á wá sítòsí. Ọjọ́ Ajé, ọ̀tunla, ọjọ́ kẹrìnlá, ni wọ́n ń bọ̀. Ẹ kó ẹrù yín.» Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀gbẹ́ni Simeon tó wà nídìí ẹ̀rọ lẹ́yìn gíláàsì di orí mú, ṣùgbọ́n kò pa ẹ̀rọ náà. Títí di òní mo ń gbàdúrà fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Akínbọ́lá fún mi ní lẹ́tà pé kí n lọ rọ́kún nílé. Fóònù ti padà sípò. Ó ti bá àwọn akóròyìnjọ sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti sọ fún un pé ọjọ́ kẹrìnlá ni. Ẹ̀ ń gbọ́ mi? Ó mọ̀, ó sì tún fún mi ní lẹ́tà. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì wọn ni kò yéni. Mo sọ ohun kan fún un tí mi ò lè kọ síbí.

Àdúgbò náà gbọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí, torí inú rédíò ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú ni. Káfíńtà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó sì jáde ti ní ilé mẹ́wàá tí wọ́n ń bẹ̀ wọ́n. Kò sí ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹ lè rí. A gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta àti àpò aṣọ funfun jáde, a gbé bẹ́ẹ̀dì. Páànù ogójì wà lórí ilé náà síbẹ̀, àti fèrèsé, àti ilẹ̀kùn irin tó rà lọ́dún tó kọjá, tó yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀ ibòmíràn.

Katakata dé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kò pẹ́ rárá. Ó ti ìsọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, páànù ká jọ bíi bébà. Àǹtí Matilda dúró tì mí, orí ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sunkún.

Ó ní, «Wùnmí, ìgbà wo lo mọ̀?»

Mo nawọ́ kí n gba orí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

«Ìgbà tí o ń kà á ní ọ̀sán Fúráìdé, ṣé o ti mọ̀?»

«Mo ti mọ̀, mà.»

«Tí mo bá mọ̀ ní Fúráìdé, ǹ bá ti rí káfíńtà.»

Ó gbé orí ẹ̀rọ náà lé mi lórí, ó ní kí n máa gbé e lọ.