Kí Ilé Mọ́ Kí N Tó Sanwó

Ẹ má bi mí bóyá mo sunkún lọ́jọ́ náà. Mo sunkún, mo sì bú èèyàn pẹ̀lú. Ẹni tó bá mọ Màrúfátù aláṣọ ní Sakété mọ̀ pé bí inú bá ń bí mi, ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́. Inú sì bí mi ní gbogbo oṣù yẹn.

Ilé Bàbá Ṣóbándé là ń gbé. Ará Pọbẹ̀ ni, olóko ọ̀pẹ, ìgbà tí epo ń pa owó ló kọ́ ilé sí Sakété níbí. Láti ọjọ́ tí Bàṣírù ti fẹ́ mi la ti háyà rẹ̀. Nígbà tí ìgbóná mú ọmọbìnrin wa, Sàrátù, lọ lọ́mọ ọdún mẹ́rin, Bàbá Ṣóbándé gbà kí á sin ín sí ẹ̀yìnkùlé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, inú rírun bẹ̀rẹ̀ sí í da Bàṣírù láàmú láàárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò mọ́ bá a. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀ la sin ín sí. Ó wá ku èmi àti àwọn ọmọkùnrin wa méjì, Mọ́rúfù àti àbúrò rẹ̀. Ṣé ẹ rí i báyìí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òrùlé lásán?

Ọdún kẹta tí a gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé ni Bàbá Ṣóbándé ránṣẹ́ pé òun ń ta ilé. Oníṣòwò kan láti Àjàṣẹ́ ti fẹ́ ẹ, ó fẹ́ wó o, kó kọ́ ilé ìkẹ́rùsí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n torí pé a ti pẹ́ níbẹ̀, bí èmi bá lè mú ọ̀kẹ́ mẹ́wàá fáráǹkì wá kí oṣù tó tán, tèmi ni. Bí mi ò bá lè mú un wá, kí n kó ẹrù mi. Ẹrù nìkan ló sọ. Kò sọ ohun tí màá ṣe pẹ̀lú àwọn tó wà nínú ilẹ̀.

Mo ta góòlù etí mi àti ti ọrùn. Mo ta àwọn aṣọ tó wà ní ìsọ̀ ní iye tí mo fi rà wọ́n, àwọn kan ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo lọ dọ̀bálẹ̀, èmi obìnrin, níwájú Ṣùáíbù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ó yá mi díẹ̀ pẹ̀lú ìbínú lójú. Owó pé. Mo dì í mọ́ ìdí, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Pọbẹ̀ pé kí n lọ san án kí ọkàn mi balẹ̀.

Ọlọ́run ló ní kí n kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Victorine. Àyálégbé bíi tèmi ni ìyá rẹ̀, ọwọ́ mi ni ọmọ náà dàgbà sí, òun ló wá ń tẹ ìwé nílé iṣẹ́ ìjọba ní Pọbẹ̀. Bí mo ṣe sọ fún un, ó gbá mi lọ́wọ́ mú.

“Ìyá Mọ́rúfù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ilé yẹn wà nínú ìwé ńlá ìjọba ní Àjàṣẹ́. Ẹni tí ilé jẹ́ tirẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì fi ilé náà dúró fún gbèsè, ó wà níbẹ̀ bákan náà. Bí ẹ bá rà á tòun ti gbèsè, gbèsè ò ní tẹ̀ lé Bàbá Ṣóbándé lọ. Ilé ló máa tẹ̀ lé. Wọ́n á wá tà á mọ́ yín lórí.”

“Bàbá Ṣóbándé? Àgbàlagbà yẹn?”

“Ìyá, ẹ bi agbẹjọ́rò rẹ̀. Ẹ ní kó fi ìwé ilẹ̀ hàn yín, kó sì gba ìwé tuntun láti ibi tí wọ́n ń kọ ilẹ̀ sí, èyí tó sọ pé kò sí nǹkan kan lórí ilé náà. Ìwé tuntun o.”

Agbẹjọ́rò náà, Mẹ́tìrì ni gbogbo ayé ń pè é, ọmọ Ègùn láti Àjàṣẹ́ ni, a máa jókòó ní Pọbẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀. Bàbá Ṣóbándé ti wà níbẹ̀ ká tó dé. Ó rí ìdì tó wà nídìí mi, ojú rẹ̀ tàn.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Lẹ́yìn náà mo sọ ohun tí mo fẹ́.

Bàbá Ṣóbándé wò mí bí ẹni pé mo tutọ́ sí oúnjẹ rẹ̀. “Màrúfátù. Èmi tí mo fún ọ ní ilẹ̀ tí o sin òkú sí, èmi lo ń bi pé ṣé olè ni mí?”

Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ tú owó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Victorine tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Mẹ́tìrì ní, “Màmá, mo ní ìwé yẹn.” Ó fa páálí kan yọ, ó fi ìwé ilẹ̀ hàn wá, ó tún fi bébà kan lé e, òǹtẹ̀ ìjọba wà lára rẹ̀. “Kò sí ohunkóhun lórí ilé. Èmi gan-an lè kọ lẹ́tà sí i, kí n fọwọ́ sí i.”

Victorine gba bébà náà, ó kà á, ó wá fi ọ̀wọ̀ dá a padà. “Mẹ́tìrì, ẹ jọ̀wọ́, ìwé yìí ti lé lọ́dún mẹ́jọ. Ó sọ bí ilé ṣe rí lọ́jọ́ yẹn ni, kò sọ ti òní. Ní ti lẹ́tà tiyín, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ni ìwé ńlá.”

Bàbá Ṣóbándé dìde. “Ọmọ kékeré wo nìyí? Ará Àjàṣẹ́ ò bèèrè ìwé kankan! Ọjọ́ Ẹtì ló ń bọ̀ wá sanwó. Màrúfátù, yálà o sanwó lónìí, tàbí kí o lọ wú òkú rẹ.”

Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ gan-an ni mo ti gbọ́ ọ.

Mo ní, “Ẹ̀yin àgbà! Ẹ̀yin tí ewú bo lórí! Ọlọ́run ń wò yín!” Mo tú ìdí aṣọ mi, mo kó owó náà jáde, mo gbé e sí itan mi, ọwọ́ mi ò sì lè gbé e kọjá ibẹ̀. Bí mi ò bá san, wọ́n á wó ilé lórí Sàrátù. Bí mo bá san tí gbèsè sì wà nínú rẹ̀, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á tún wó o lórí rẹ̀, kò sì ní ku nǹkan kan tí mo lè fi bọ́ àwọn tó yè. Níbo ni kí n gbà?

Mo yíjú sí Mẹ́tìrì. Mo ní, “Ẹ ti lọ sílé ìwé, èmi ò lọ. Bí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ló kó owó tó ní láyé sórí itan báyìí, ṣé ẹ ó ní kó san?”

Mẹ́tìrì wo Bàbá Ṣóbándé títí. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá, màá bèèrè ìwé tuntun. Akọ̀wé mi á bá ọkọ̀ ojú irin lọ lónìí. Bí kò bá sí nǹkan kan lórí ilé, kí ni ẹ ń bẹ̀rù?”

Bàbá mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dúró ní Pọbẹ̀. Mi ò lè jẹun. Victorine á gbé ẹ̀kọ wá, màá mu ún lẹ́ẹ̀kan, màá gbé e sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú Victorine nínú ọkàn mi pé òun ló kó mi sí i, mo sì tún ń bẹ Ọlọ́run kó dárí jì mí. Ọjọ́ Ẹtì pé. Ará Àjàṣẹ́ dé lóòótọ́, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta, àpò awọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bàbá Ṣóbándé jókòó tì í, kò kí mi.

Ọ̀sán ni akọ̀wé dé. Mẹ́tìrì pè wá wọlé, ó ṣí àpòòwé, ó ń kà á sínú, ó wá mí kanlẹ̀.

“Gbèsè wà lórí ilé,” ó ní. “Ọ̀kẹ́ méje fáráǹkì. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni Bàbá yá a, ilé yìí ló sì fi dúró, níwájú nòtéè tí ìjọba fún láṣẹ láti kọ ìwé àdéhùn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Wọn ò tíì pa á rẹ́.”

Mo ké. Mo ní ó ti tán fún mi, ilé ti lọ, mo ti pa ọmọ mi lẹ́ẹ̀kejì. Victorine dì mí mú. Níta, ará Àjàṣẹ́ ti gbọ́. Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ láìdágbére.

Mẹ́tìrì ò gbé ojú kúrò lórí bébà. Ó ní, “Màmá, ẹ dákẹ́ ná. Ẹni tó yá a lówó, oníṣòwò kan ní Sakété ni. Ta ni wọ́n ń pè ní Bàṣírù, ọmọ Èjìdé?”

Mi ò tètè gbọ́ ọ yé. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

“Ọkọ mi ni,” mo ní. “Ọkọ mi tó kú ni.”

Bàbá Ṣóbándé bojú. Gbogbo rẹ̀ wá ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàṣírù ló gbà á sílẹ̀ lọ́dún tí epo já lulẹ̀. Kò gba èlé. Bàbá ló bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ojú má ti òun. Bàṣírù sì pa á mọ́, èmi ìyàwó rẹ̀ pàápàá ò gbọ́. Nígbà tó kú, tí kò sẹ́ni tó wá bèèrè, Bàbá rò pé ọ̀rọ̀ ti bá a wọ ilẹ̀. Ó fẹ́ gba ọ̀kẹ́ mẹ́wàá lọ́wọ́ mi lórí ilé tí ọkọ mi ti fi owó dì mú!

Mo bú u. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Mo bú Bàṣírù náà níbi tó wà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń ta aṣọ láti fi bọ́ ọmọ, ó ní owó níta, kò sọ fún mi! Ìwé gbèsè tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀, inú àpò ìwé owó-orí ló wà lọ́dọ̀ Ṣùáíbù. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó mọ̀ ọ́n kà.

Àwọn ẹbí jókòó sórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n yọ ọ̀kẹ́ méje kúrò nínú owó ilé, ó ku ọ̀kẹ́ mẹ́ta. Wọ́n ní kí ilé jẹ́ ti àwọn ọmọ, kí èmi máa tọ́jú rẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n Mẹ́tìrì ní kí ìwé ilé tó lè mọ́, nòtéè gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé gbèsè ti parí, kí èmi àti Ṣùáíbù tẹ̀ka sí i, kí ìjọba lè fa ìlà pa ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

“Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa fa ìlà pa?” mo bèèrè.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

Wọ́n ti yọ orúkọ Bàṣírù kúrò lára àwọn tó ń san owó-orí láti ọjọ́ tó ti kú. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan. Inú ìwé ńlá yẹn nìkan ni ìjọba ṣì ti mọ̀ pé ó gbé ayé. Mo ní kí Victorine fi ibi tí orúkọ náà wà lórí bébà hàn mí. Ó mú ìka mi, ó gbé e síbẹ̀. Ó gùn díẹ̀, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Mo jẹ́ kí ìka mi pẹ́ níbẹ̀. Nòtéè ti gbé yíǹkì síwájú mi. Mo tẹ̀ka.

Ìwé tuntun dé lọ́sẹ̀ kejì. Victorine kà á fún mi ní Sakété. Ó ní kò sí nǹkan kan lórí ilé mọ́, kò sí orúkọ ẹnì kankan yàtọ̀ sí ti ẹni tó tà á. Mo ní kó tún un kà. Ó kà á. Kò sí nǹkan kan.

Mo ka ọ̀kẹ́ mẹ́ta jáde, mo ní kó lọ san án. Ìwé tí kò ní orúkọ kankan lórí ilé ni mo bèèrè, òun gan-an ni wọ́n fún mi.