Igo Kẹrin Tó Yapa

Láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni Ìyá Kíláàsì ti ń jókòó tó ń dìde. Ó ti fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta ní síǹkì láàbù, bẹ́ẹ̀ kò tíì fọwọ́ kan ohun tó dọ̀tí. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni, òun ló sì dàgbà jù láàárín àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò omi. Ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá. Iṣẹ́ yìí gan-an ló fèìlì lọ́dún tó kọjá. Afẹ́fẹ́ há sábẹ́ ìdérí igo rẹ̀, gbogbo ìṣirò sì dojú rú. Ẹni tó bá fèìlì lẹ́ẹ̀mejì, ilé ló ń lọ. Òun náà ló dá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dúró láti wá kàwé, tí àwọn àna sì ń bi í léèrè pé ṣé ìwé lèèyàn máa jẹ lọ́jọ́ alẹ́ ni.

Ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà bu omi ìdọ̀tí lẹ́nu adágún tó wà lẹ́yìn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kọ̀mpútà ni wọ́n ń pe ẹnì kejì yẹn, ọmọkùnrin ẹni ọdún ogún kan tí orí rẹ̀ mú, tó máa ń fi ọ̀sán kọ́ ọ ní ìṣirò láìgba kọ́bọ̀. Iye ọ́síjìn tí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú omi náà máa jẹ láàárín ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n ń wá. Igo mẹ́rin ni wọ́n lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ọ̀ọ́dúnrún mílílítà. Wọ́n da omi ìdọ̀tí mílílítà mẹ́ta sí ti àkọ́kọ́, mẹ́fà sí èkejì, mẹ́sàn-án sí ẹ̀kẹta. Òun fúnra rẹ̀ ló fi pípẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń fa omi, da ọgbọ̀n sí ẹ̀kẹrin. Wọ́n fi omi mímọ́ tí wọ́n ti pèsè kún wọn dé ẹnu, wọ́n wọn ọ́síjìn wọn, wọ́n dé wọn, wọ́n sì gbé wọn sínú àpótí òkùnkùn tí kì í kúrò ní ogún dígírì.

Àárọ̀ yìí ni wọ́n tún wọn wọ́n. Ọ́síjìn igo kìíní kúrò ní mílígíráàmù 8.2 nínú lítà kan, ó bọ́ sí 6.9. Èkejì kúrò ní 8.2, ó bọ́ sí 5.1. Ẹ̀kẹta kúrò ní 8.1, ó bọ́ sí 3.6. Ẹ̀kẹrin kúrò ní 7.9, ó sì já sí 0.2. Kọ̀mpútà yọ òǹkà kejì igo kọ̀ọ̀kan kúrò nínú ti àkọ́kọ́, ó fi ìdá omi ìdọ̀tí tó wà nínú igo pín in. Ó rí 130, ó rí 155, ó rí 150. Nígbà tó kan igo kẹrin, 77 ló jáde.

"Mọ́mì," ó ní, "igo yín yìí ò bá ẹgbẹ́ mu o."

Ara Ìyá Kíláàsì bù máṣọ. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo olè. "Afẹ́fẹ́ tún ti há síbẹ̀ ni?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ jẹ́ n rò ó."

Ọkàn wo ló fẹ́ balẹ̀? Aago méjìlá ni wọ́n máa kó ìwé èsì fún Ọ̀gá Láàbù, aago mọ́kànlá sì ti kọjá. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rìn dé ẹnu àtẹ̀gùn, ó padà. Ó bú ara rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ bó ṣe ń rìn, nǹkan kan ń gún un nínú. Lọ́dún tó kọjá tí afẹ́fẹ́ há, ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù pọ̀ jù ni, torí inú afẹ́fẹ́ náà ni ọ́síjìn wà. Èyí tónìí ti tán pátá. Báwo ni ohun tó ń fi kún nǹkan ṣe máa wá jẹ ẹ́ tán?

Ó dúró sójú kan. Bí àlejò bá jẹ oúnjẹ tán títí kan ìdí ìkòkò, èèyàn lè sọ iye oúnjẹ tó sè, kò lè sọ bí ebi ṣe pa wọ́n tó. Omi ìdọ̀tí inú igo kẹrin ló pọ̀ jù. Ọ́síjìn ti tán kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, àwọn kòkòrò náà ò sì tíì yó. 77 kì í ṣe èsì kankan. Ìgbà yẹn ló rántí òfin tó há sórí láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀: igo tí a máa kà gbọ́dọ̀ jẹ ọ́síjìn tó méjì, kó sì ṣẹ́ ku ẹyọ kan ó kéré tán. Ẹ̀kẹrin ò ṣẹ́ kù tó. Ìkíní náà ò jẹ tó, 1.3 péré. Èkejì àti ẹ̀kẹta ló kù, àròpín wọn sì jẹ́ 152.5. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré wọlé.

Kọ̀mpútà ti ń rẹ́rìn-ín dè é. "Mo ti tún un ṣe fún yín, Mọ́mì. Mo ti kó o fún Ọ̀gá."

"Kí lo tún ṣe?"

"Mo sọ ọgbọ̀n yẹn di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èsì wá di 154. Ó gún régé! Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹ bà á jẹ́."

Òfin láàbù ni pé ẹni tó bá yí òǹkà padà nínú ìwé ti fèìlì, àwọn méjèèjì ló sì ni ìwé náà. Kí Ìyá Kíláàsì tó lanu, Ọ̀gá Láàbù, ọkùnrin arúgbó tí kì í gbé ojú sókè nínú ìwé, ti pe àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀.

"Mílílítà mélòó lẹ dà sí igo kẹrin?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sà," Kọ̀mpútà dáhùn.

Ọ̀gá wo obìnrin náà. "Ìwé ẹ̀yin méjèèjì nìyí. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ó mọ̀ pé bí òun bá ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀rọ̀ lè bùṣe. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ojú àwọn àna rẹ̀ wá sí i lọ́kàn, ṣọ́ọ̀bù tó tì pa náà wá sí i lọ́kàn.

"Ọgbọ̀n ni, sà. Mo fi pípẹ́ẹ̀tì mílílítà mẹ́wàá fà á lẹ́ẹ̀mẹta. Igo náà ò sì yẹ ní kíkà rárá, ọ́síjìn rẹ̀ ti tán. 152.5 lèsì wa."

Ọ̀gá fi bírò kan 7.9. "Kí ló dé tí igo yìí fi bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ àwọn yòókù, Kọ̀mpútà?"

Ọmọ náà tẹjú mọ́ òǹkà náà. Ọ́síjìn inú omi ìdọ̀tí kéré sí ti omi mímọ́. Mílílítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ò lè fà á wálẹ̀ tóyẹn. Olóye ọmọ ni, ojú ẹsẹ̀ ló rí i.

"Ta ló yí i padà?" Ọ̀gá béèrè. "Bírò kan náà ni, mi ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀."

Ìyá Kíláàsì ò wo Kọ̀mpútà.

"Èmi ni, sà," Kọ̀mpútà sọ. "Wọn ò sí níbẹ̀. Wọn ò mọ̀ sí i."

Ọ̀gá fa ilà sórí igo kìíní àti ẹ̀kẹrin, ó kọ máàkì fún obìnrin náà, ó sì kọ "tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀" síwájú nọ́ńbà ọmọkùnrin náà. Kò bá ẹnikẹ́ni wí.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyá Kíláàsì fẹ́ bẹ ọmọ náà, ó fẹ́ nà án, kò mọ èyí tí òun ì bá kọ́kọ́ ṣe. "Ṣé mo rán ọ níṣẹ́ ni?" ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ ò rán mi." Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ó kù sọ́wọ́ yín nìyẹn, Mọ́mì. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi lọ́dún tó ń bọ̀."

Ìyá Kíláàsì ti pàásì, ẹkún ló sì ń sun.