Ọgbọ́n Lúdò Àláájì Bàdárù

Bí ẹ bá gbọ́ ariwo lẹ́yìn ìrun àsárì ládùúgbò wa ní Mamobi, ẹ má pe ọlọ́pàá. Àwa Aláta, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níhìn-ín, ló ń ta lúdò. Èmi Fáòsíà, tí mò ń tún aṣọ òkìrìkà rán ní ọjà Kantamanto, mo lè gbàgbé oúnjẹ alẹ́ nítorí lúdò, n kò sì tijú láti sọ ọ́.

Àwọn ará Nima, àdúgbò tó múlé gbè wá, ló pè wá níjà lórí lúdò. Ẹni mẹ́ta péré ni wọ́n ní kí á mú wá. Àláájì Bàdárù, olórí wa, wá là á kalẹ̀ pé ẹni tí kò bá ta lúdò bíi tòun kò ní bá wọn lọ. Ọgbọ́n tirẹ̀ ni pé kí á kó gbogbo ọmọ lúdò jáde nílé ná, kí ọ̀kankan tó sáré. Tèmi ni pé bí ọ̀kan bá ti jáde, kí ó máa sáré lọ títí yóò fi wọlé. Àláájì ní òun ń borí lójoojúmọ́, èmi ń fìdí rẹmi lójoojúmọ́, kí ló tún kù tí a fẹ́ mọ̀?

Inú bí mi débi pé abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì. Mo fẹ́ lọ sí Nima, mo fẹ́ ẹ gan-an. Ẹ sì wo àṣà wa: àgbà ló ń kọ́kọ́ yan ẹni tí yóò bá a díje. Ojoojúmọ́ ni Àláájì ń yan Àmínátù, tí inú rẹ̀ kì í dùn láti pa ọmọ ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo kéré jù ni mo máa ń gba ẹni tó bá ṣẹ́kù, ẹni tí gbogbo wọn sì ń sá fún ni Sàbíù, tó ń tún fóònù ṣe ní agbègbè Circle. Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó, òótọ́ ni, àmọ́ obì yìí kò tíì gbó.

Nírọ̀lẹ́, mo kúnlẹ̀ níwájú Àláájì.

“Bàbá, ó lè jẹ́ ọgbọ́n yín ló ń borí. Ó sì lè jẹ́ Àmínátù ni.”

Mo yára ṣàlàyé: kí á kó orúkọ sínú fìlà, kí á fà á ní méjì méjì, kí Àláájì jẹ́ adájọ́. Kí àwọn méjì tó bá bọ́ sí ara wọn lọ́wọ́ ta á lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹnì kan bá kó ọmọ jáde ná nínú eré àkọ́kọ́, kí èkejì sáré. Nínú eré kejì, kí wọ́n pààrọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta yóò lo méjèèjì, òpè náà yóò lo méjèèjì. Sàbíù ní dáìsì kò mọ ẹbí, nítorí náà kí á ta á fún ọjọ́ púpọ̀. Àláájì rẹ́rìn-ín, ó gbà.

Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, ọgbọ́n Àláájì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo eré! Ó jó, ó ní ṣé mo ti rí i báyìí. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ mo ní ọjọ́ kan ni. Lọ́jọ́ kejì dáìsì yí padà, àwọn tó ń sáré ń ju mẹ́fà lé mẹ́fà. Ọkùnrin tó ń ta tíì ti ìsọ̀ rẹ̀ wá wòran. Ó dùn mọ́ mi dé góńgó.

Nígbà tí a parí ogójì eré, kíkó jáde borí nínú mọ́kànlélógún, sísáré borí nínú mọ́kàndínlógún. Mẹ́fà kan ṣoṣo tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ti tó láti sọ ọ́ di ọgbọọgba. Ṣùgbọ́n Sàbíù fẹ́rẹ̀ẹ́ borí gbogbo eré rẹ̀, ọgbọ́n yòówù kó lò. Orúkọ tèmi ló tẹ̀lé e, Adéníyì tó ń bá wa ta lójoojúmọ́ sì ṣe ìkẹta. Àmínátù pàdánù pẹ̀lú ọgbọ́n méjèèjì, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Àláájì wo pátákó lúdò títí.

“Fáòsíà, ṣé mo ti borí rí?”

Àánú rẹ̀ ṣe mí. N kò lè purọ́ fún un.

“N ò mọ̀, Bàbá. Ẹ ò tíì bá ẹni tó mọ̀ ọ́n ta díje.”

Ó sún àga rẹ̀ síwájú. “Sàbíù, ìwọ ni mo yàn.”

Ariwo sọ! Àwọn èèyàn ń gun bẹ́ǹṣì. Ìjà náà le, ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún oníkálukú wọn. Sàbíù ju iye tí yóò fi pa ọmọ Àláájì, ni ọwọ́ rẹ̀ bá dúró lókè, ó ń wojú àgbà.

“Pa á,” ni Àláájì wí.

Sàbíù pa á, ó sì wọlé. Àláájì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀. Ó ní ó dùn paa, ó ní èmi, Sàbíù àti Adéníyì ni kí á lọ sí Nima. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í to ọmọ rẹ̀ padà, kò sì jẹ́ kí Sàbíù dìde.