Àwọn Tí Kò Padà Wá

Ojúlarí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí ohun táwọn yòókù bá gbójú fò, òun ló máa ń rí i. Ilé-iṣẹ́ tó ń yá àwọn aláìsàn ní ẹ̀rọ ìmí lò nílé ló ti ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ló ń fèsì ọ̀rọ̀ táwọn oníbàárà ń kọ ránṣẹ́ lórí fóònù. Iṣẹ́ Ojúlarí ni kó wò ó bóyá ìdáhùn náà dáa.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: ìràwọ̀ táwọn oníbàárà tẹ̀, iye ìṣòro tó yanjú, àti máàkì tí kọ̀ǹpútà kejì ń fún ti àkọ́kọ́.

"Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló yanjú!" Ẹnu ọ̀gá ń ya kan etí.

Ọkàn Ojúlarí ò balẹ̀. Ta ni kò lè mí délẹ̀ tó máa dúró tẹ ìràwọ̀? Ó ṣa ọ̀rọ̀ ọgọ́ta oníbàárà àti èsì wọn jọ láìyàn, ó máàkì wọn fúnra ẹ̀ kó tó wo ti kọ̀ǹpútà kejì. Kọ̀ǹpútà gba mẹ́rìnléláàádọ́ta wọlé. Òun gba márùndínlógójì.

Bàbá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó kọ̀wé pé, "Ẹ̀rọ mi ń ké. Iná pupa ń tàn."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn, yóò dákẹ́."

Kọ̀ǹpútà kejì fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ọ̀wọ̀ àti ọ̀rọ̀ tó yéni ni wọ́n ní kó wò. Ẹnì kankan ò fún un níwèé ẹ̀rọ náà, tó ní iná pupa túmọ̀ sí pé atẹ́gùn ò jáde mọ́, kí aláìsàn bọ́ sórí àgbá atẹ́gùn tó wà nípamọ́ kíákíá. Bàbá ò sì padà wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ni wọ́n bá kọ ọ́ pé ó ti yanjú.

Ojúlarí pe nọ́ńbà Bàbá. Obìnrin kan gbé e.

"Ẹ kú ọ̀sán mà. Ṣé mo lè bá Bàbá sọ̀rọ̀?"

"Ọmọ wọn ni mí. Bàbá ti kú. Wẹ́sìdeè ni."

Ojúlarí wo déètì ọ̀rọ̀ náà. Wẹ́sìdeè yẹn gan-an ni. Ó dìde, ó lọ ròyìn fún ọ̀gá.

"Ó mà ṣe o," lọ̀gá wí. "Àmọ́ a ti fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ sáwọn ọ̀gá àgbà."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká máa pe díẹ̀ nínú àwọn tí ò padà wá. Ẹ jẹ́ ká fún kọ̀ǹpútà tó ń máàkì níwèé ẹ̀rọ."

"Tá a bá ráyè. Kódà, wọ́n ní kó o yéé ka ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà fúnra ẹ. Kọ̀ǹpútà ń ṣe é."

Ó padà sórí àga, ó yí ti Bàbá sí 'kò yanjú'. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wà níbẹ̀. Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ò mì.

Fóònù dún. Ọmọ Bàbá ni.

"Ẹ má bínú. Ohun tó dá Bàbá lóhùn lọ́jọ́ yẹn, ṣé ó ṣì ń dá àwọn èèyàn lóhùn?"

Lójú kọ̀ǹpútà iwájú Ojúlarí, ọ̀rọ̀ tuntun ń wọlé wìtìwìtì.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà," ló wí.

Obìnrin náà ò bú u. Ó mí kanlẹ̀, ó sì pa fóònù.