Àtẹ̀jíṣẹ́ sí Olùkọ́ Ìṣirò

Àná, Ọjọ́rú, ló yẹ kí máàkì ìṣirò dé ọwọ́ Mardiyah. Kò dé. Ọjọ́bọ̀ rèé, aago méjìlá ti lù, àwọn òbí ń bọ̀ wá gba èsì ìdánwò lọ́la, Báyọ̀dé olùkọ́ ìṣirò sì jókòó sílé rẹ̀ ní Àgbàdo, kò gbé ìpè. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré o. Sáà yìí ni wọ́n fi ń dán Mardiyah wò nídìí àbójútó ìdánwò nílé-ìwé aládàáni wọn ní Ìgàndó. Ọ̀gá àgbà ti sọ ọ́ lójú gbogbo olùkọ́ pé bí èsì bá tún pẹ́, ẹlòmíì ni yóò gba ipò náà.

Inú bí i dé góńgó. Ó ṣí Wáásáàpù gbogbo olùkọ́, níbi tí ọ̀gá àgbà pàápàá wà, ó tẹ̀ ẹ́ báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé. Bóyá ẹ ò tíì rí àtẹ̀jíṣẹ́ mi méjèèjì. A mọ̀ pé ọwọ́ yín dí ju ti àwa yòókù lọ. Ẹ ṣáà rántí pé àwọn kan ń retí yín. Ẹ ṣé tí ẹ fọwọ́ pàtàkì mú iṣẹ́."

Kó tó fi ránṣẹ́, ó ní kí Aasiyah, olùkọ́ tó jókòó tì í, bá òun kà á. Aasiyah kà á, ó pòṣé. Èébú pọ́nńbélé, wọ́n kàn wọṣọ ìkíni fún un ni.

"Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, máàkì ni àbí ìtìjú?"

Ó dun Mardiyah, torí òótọ́ ni. Ó jiyàn díẹ̀, ó ní ẹni tó ṣẹ̀ ni kó gbọ́ ọ, jàre. Síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́. "Takuntakun" lọ, "bóyá ẹ ò tíì rí" lọ, "ju ti àwa yòókù" lọ. Èyí tó dùn ún jù láti pa rẹ́ ni "ẹ ṣé" ìkẹyìn yẹn. Ó kúrò lórí Wáásáàpù gbogbo olùkọ́, ó kọ ọ́ sí Báyọ̀dé nìkan:

"Ẹ káàsán, sà. Máàkì ìṣirò kò tíì dé ọwọ́ mi. Mo nílò rẹ̀ kó tó di aago méjì kí n lè tẹ káàdì èsì jáde. Ṣé nǹkan kan ń dí yín lọ́wọ́? Mo lè bá yín ṣe é."

Ó fi ránṣẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ìdáhùn Báyọ̀dé fi dé:

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Nínú ìwé ìlànà tí ẹ fún mi, máàkì àádọ́rin ni ẹ kọ fún ìdánwò dípò ọgọ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máàkì kíláàsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Láti àná ni mo ti ń ṣírò ti ọmọ kọ̀ọ̀kan padà sí ọgọ́ta, kí ọ̀gá àgbà má baà mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ṣì í. Ó ku kíláàsì kan."

Mardiyah sáré ṣí ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà. Àádọ́rin ló wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Ojú tì í débi pé kò lè wo Aasiyah.

Àṣé ọ̀gá àgbà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó béèrè bóyá Báyọ̀dé náà ló tún dá iṣẹ́ dúró, kí òun lè kọ ìwé ìbáwí sí i lónìí.

Mardiyah dìde.

"Rárá, mà. Èmi ni."