Ọ̀rọ̀ Tí Kò Sí Lára Ògiri

Gbólóhùn kan ló ń bí mi nínú ní wọ́ọ̀dù yẹn: "Ó rìn díẹ̀."

Àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ẹsẹ̀ tàbí ní ìbàdí ni mo máa ń kọ́ bí wọ́n á ṣe tún rìn. Tíṣà Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá dé láàárọ̀ tí mo ṣí fáìlì, ohun tí nọ́ọ̀sì kọ síbẹ̀ kò ju "ó rìn díẹ̀" lọ. Díẹ̀ báwo? Ṣé ó wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ ni, àbí ó tiro? Mi ò lè mọ ohun tí n óò kọ́ ènìyàn lónìí bí mi ò bá mọ bó ṣe rìn lánàá.

Ni mo bá wá páálí ńlá kan, mo to àwọn ọ̀rọ̀ sí i láti èyí tó lọ́ra jù dé èyí tó yá jù, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Rá ló wà nísàlẹ̀ pátápátá: ọwọ́ àti orúnkún ló ń gbé ènìyàn lọ. Wọ́ tẹ̀lé e: ó ti dìde, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ kò kúrò nílẹ̀, ńṣe ló ń fà á. Lẹ́yìn náà ni tiro, tí ẹsẹ̀ kan ń ṣiṣẹ́ tí èkejì ń fi orí ìka kan ilẹ̀. Tàgé ló kàn: ẹsẹ̀ méjèèjì ń gbéra, àmọ́ ara kò tíì pinnu ibi tí òun fẹ́ ṣubú sí. Nínú rọra rìn, ara ti dúró, ẹ̀rù ló kù. Ẹni tó bá wá dé orí rìn, á máa lọ á máa sọ̀rọ̀, kò ní rántí pé òun ní ẹsẹ̀.

Mo kọ gbẹ́sẹ̀ sí òkè rìn. Ẹni tó ń gbẹ́sẹ̀ ń yára, síbẹ̀ ẹsẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. Ìgbà tí méjèèjì bá kúrò nílẹ̀ pọ̀ ni sáré bẹ̀rẹ̀. Sá ló wà lókè téńté. Eré náà ni, àmọ́ ẹni tó ń sáré ń wo ibi tó ń lọ, ẹni tó ń sá sì ń wo ohun tó fi sílẹ̀.

Bàbá kan tó ti fi ogójì ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù, tí gbogbo wa ń pè ní Dẹ́rẹ́bà, fi igi ìtilẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jáde wá kà á.

"Tíṣà, yan dà?"

"Bàbá, yan kì í ṣe ti aláìsàn."

"Ta ló ń ṣàìsàn? Ẹsẹ̀ mi ló ṣẹ́, àyà mi ò ṣẹ́."

Mo fi yan sáàárín rọra rìn àti rìn, torí ẹni tó ń yan kò yára, ó fẹ́ kí wọ́n rí òun ni. Inú Dẹ́rẹ́bà dùn. Ó ní òun yóò dé ibẹ̀ kí oṣù tó parí.

Ìyá Aránṣọ ló wà ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá wọn fi díẹ̀ jìnnà sí tirẹ̀. Wọ́n ti ṣubú, egungun ìbàdí wọn ṣẹ́, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, ó sì ti di ọ̀sẹ̀ kẹfà báyìí. Orí òkè ni ilé wọn wà, àtẹ̀gùn méjìlá, ẹ̀rọ ìránṣọ wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí títì. Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ padà sí. Ọmọkùnrin wọn tó ń gbé ní ìlú míì fẹ́ kó wọn lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Ọmọ dáadáa ni," ni wọ́n sọ fún mi. "Ìyàwó rẹ̀ náà dáa. Àmọ́ bí mo bá gbé abọ́ báyìí, á ní, 'Màmá, ẹ jókòó.' Bí mo mú ìgbálẹ̀, 'Màmá, ẹ jókòó.' Jíjókòó yẹn ló máa pa mí, Tíṣà."

Dókítà wa, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, fi òfin kan lélẹ̀. Màmá ti gun àtẹ̀gùn níṣojú rẹ̀, ìyẹn tán. Ó ku kí wọ́n wà lórí rìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, láìsí ọ̀rọ̀ kankan tó rẹlẹ̀ jù ú lọ nínú fáìlì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀dọ̀ ọmọ ni. Ọjọ́ Ajé, rìn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, rìn. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n ń rìn wọ́n ń bú mi pé ṣòkòtò mi kò ṣe é wò, ẹni tó rán an kò mọ̀ ọ́n rán. Mo fi ayọ̀ kọ rìn.

Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Dókítà na fáìlì sí mi. Nọ́ọ̀sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ọjọ́rú, aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán. Ìyá Aránṣọ ń wọ́ ẹsẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fara ti ògiri."

"Ẹ pe ọmọ wọn," ni Dókítà wí. "Kó wá mú wọn lọ́la, ní aago mẹ́wàá."

Mo lọ bá Màmá. Wọ́n ń wo àjà.

"Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀ lánàá?"

"Mo kàn ń rìn ni."

"Ní àsìkò ìsinmi?" Láti aago méjì sí mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n fa aṣọ ìbora bo ẹsẹ̀. Ní yàrá tirẹ̀, Dẹ́rẹ́bà tí kì í dákẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ̀rọ̀ dákẹ́ lọ gbári. Ìyẹn kọ́kọ́ ṣe mí ní kàyéfì. Mo lọ sídìí tábìlì nọ́ọ̀sì.

"Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé wọ́ ni?"

"Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé mi ò mọ ìwé kà ni, Tíṣà Ẹsẹ̀? Mo wo páálí yín dáadáa. Wọ́n ń lọ bí ìgbín. Kí wọ́n tó ti ẹnu ilẹ̀kùn dé ibi àga yẹn, mo ti kọ fáìlì méjì."

"Ẹ ò pè wọ́n?"

"Mo fẹ́ pè wọ́n ni fóònù dún. Kí n tó sọ ọ́ kalẹ̀, wọn ò sí níbẹ̀ mọ́."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé wọ́n jáde? Kí lẹ gbọ́?"

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́? Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo kàn gbójú sókè ni, mo rí wọn."

Mo dúpẹ́, mo sì ń lọ. Ìgbà tí mo dé àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo dúró. Mo fa ẹsẹ̀ mi nílẹ̀ bí ẹni tó ń wọ́: ṣáà, ṣáà, ṣáà. Kí n tó fa ìkẹrin, orí mẹ́ta ti yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn, nọ́ọ̀sì sì ti dìde dúró.

"Kí lẹ ń fà káàkiri?"

Mo padà sọ́dọ̀ Màmá, mo ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, níbo ni bàtà yín wà lọ́sàn-án àná?"

"Ibo ni bàtà ń wà? Lẹ́sẹ̀ mi."

"Àbí lọ́wọ́ yín?"

Wọ́n wò mí títí, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti èjìká wọn wá. "Ta ló rí mi?"

"Kò sẹ́ni tó rí bàtà. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ náà ni. Ẹ ò wọ́, Màmá. Ńṣe lẹ yọ́."

Wọ́n wá sọ ọ́. Wọ́n ń yọ́ lọ ta lúdò lọ́dọ̀ Dẹ́rẹ́bà ni, láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n rí nọ́ọ̀sì lánàá, wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri títí fóònù fi dún. Àmọ́ wọn ò fẹ́ kí n sọ ọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún Dẹ́rẹ́bà lẹ́ẹ̀mejì pé kó yé ta lúdò ní àsìkò ìsinmi; bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n á gba lúdò, wọ́n á sì gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù òkè.

"Mi ò ní torí pé mo fẹ́ délé kí n sọ ẹlòmíì di aláìlẹ́nìkejì," ni wọ́n wí. Ẹ̀rín ti tán lójú wọn.

"N óò sọ ohun tí ẹsẹ̀ yín ṣe. Ibi tó gbé yín lọ kò kàn mí."

Ní aago mẹ́wàá Ọjọ́ Ẹtì, ọmọ wọn ti dé, ó ti gbé báàgì lọ́wọ́. Dókítà àti nọ́ọ̀sì dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo bẹ Màmá kí wọ́n kọ́kọ́ wọ́ ẹsẹ̀. Wọ́n fà á, ariwo sọ.

"Ṣé èyí lẹ gbọ́ lọ́jọ́ yẹn?" ni mo bi nọ́ọ̀sì.

"Rárá o." Ó ronú. "Rárá."

"Màmá, ẹ wá yọ́."

Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n mú un dání. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, wọ́n dúró lórí tòsì tó ṣẹ́ ní ìbàdí, wọ́n fi orí ìka sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ẹyin kalẹ̀, gìgísẹ̀ sì tẹ̀lé e. Wọ́n tún gbé èkejì. A ò gbọ́ nǹkan kan. Ó gùn títí kí wọ́n tó dé ibi àga.

"Ó ṣì lọ́ra," ni Dókítà wí.

"Ẹni tó ń wọ́ lọ́ra torí kò lè yára. Ẹni tó ń yọ́ lọ́ra torí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo ara. Ẹ dán an wò, Dókítà."

Mi ò mọ̀ pé á dán an wò. Ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó mì síhìn-ín, ó mì sọ́hùn-ún, ó di èjìká nọ́ọ̀sì mú.

"Tàgé," ni Màmá wí jẹ́jẹ́.

Dókítà rẹ́rìn-ín. Mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín rí. Ó ní kí Màmá dúró lórí ẹsẹ̀ òsì nìkan, ó sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ kọjá kí Màmá tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀.

"Ó dáa. Níbo lẹ ń yọ́ lọ, Màmá?"

Màmá wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀. Igi ìtilẹ̀ méjì dún láti yàrá òdìkejì.

"Ọ̀dọ̀ mi ni," ni Dẹ́rẹ́bà wí lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ẹ wá gbé lúdò náà tẹ́ ẹ bá fẹ́. Wọ́n ti nà mí lẹ́ẹ̀mẹfà, ó ti sú mi."

"Màmá," ni ọmọ wọn wí, "lúdò?"

"Ṣé kí n máa jókòó ni?"

Ọmọ náà gbé báàgì kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo Dókítà, ó wo Dẹ́rẹ́bà. "Ẹ gbé e wá sórí tábìlì mi," ló wí. "Ibẹ̀ lẹ ó ti máa ta á, níṣojú mi. Mo fẹ́ràn àwọ̀ ewé." Dókítà fagi lé "wọ́" nínú fáìlì, ó kọ "ilé ara wọn", ó sì fọwọ́ sí i.

Bí Màmá ṣe ń múra, mo mú bírò lọ sídìí páálí. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Bí mo bá wo ìyára, ẹ̀gbẹ́ wọ́ ni yọ́ yẹ kó wà. Bí mo bá wo agbára, ó ju rìn lọ. Mo ti rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì.

Màmá wá dúró lẹ́yìn mi. "Má kọ ọ́ síbẹ̀."

"Kí ló dé, Màmá?"

Wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀. "Tó o bá kọ ọ́, gbogbo nọ́ọ̀sì á mọ̀ ọ́n. Àwọn aláìsàn tó kù ńkọ́?"

Mo fi bírò sápò. Ọmọ wọn ti wà níta pẹ̀lú mọ́tò, ó ń fọn fèrè pé kí wọ́n yára. Wọn ò yára. Wọ́n na àyà, wọ́n gbé orí sókè, wọ́n gba àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, bàtà lẹ́sẹ̀, ìṣísẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Dẹ́rẹ́bà fara ti ilẹ̀kùn, ó ń wò wọ́n lọ.

"Ẹ wò ó, Tíṣà," ló wí. "Mo sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fi yan síbẹ̀."