Ẹyọ Ẹran Tí Kì Í Ṣe Ti Nimat

Ọdún mọ́kànlá ni Dókítà Adébísí Ṣọládé ti fi ń wo ẹran ara ènìyàn lábẹ́ maikirosikóòpù, ẹ̀rù ò sì bà á nídìí ẹ̀ rí, àfi lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan ní Ìkòsí. Òjò ṣú títí aago méjì ọ̀sán fi dà bí àṣálẹ́. Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ń kùn nísàlẹ̀. Nínú yàrá àyẹ̀wò tó wà lókè ilé oògùn kan, òun àti Muideen nìkan ló kù. Muideen ló máa ń ri ẹran tí wọ́n bá gbà lára aláìsàn sínú ìda, á fi ẹ̀rọ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á jẹ́ kó léfòó nínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á fi gíláàsì gbé e, á sì pa á láró kí dókítà tó kà á.

Súláìdì Nimat, gíláàsì tí ẹran rẹ̀ wà lórí ẹ̀, ló wà lójú ẹ̀rọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, bàbá rẹ̀ ń ta ẹ́ńjìnnì àlòkù ní Owódé Onírin. Kókó kan yọ sí i lọ́mú, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ gba díẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ohun tí Adébísí rí ló fi ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Àwọn ihò ọmú wà létòlétò. Sẹ́ẹ̀lì inú wọn jọra bí ẹyin àdìẹ kan náà, kóró àárín wọn kéré, kò sì dúdú jù. Lẹ́yìn wọn, ìlà sẹ́ẹ̀lì kejì yí ihò kọ̀ọ̀kan ká bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ẹ̀sítéètì Magodo. Níbi tí ẹ̀ṣọ́ bá ṣì dúró, tí ẹnikẹ́ni ò fo ọgbà, kókó lásán ni, kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Ó ti mú bírò tó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó rí òjìji kan létí gíláàsì. Ó yí ẹ̀rọ díẹ̀. Ẹran Nimat ṣú lójú ẹ̀, ó pòórá, nǹkan mìíràn sì yọ látòkè rẹ̀, bíi kéèyàn bẹjú wo kànga kó rí ojú tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ò jọ ara wọn rárá. Kóró wọn tóbi, ó dúdú, ó rí ṣákaṣàka bí ojú tó ń wo èèyàn. Ọ̀kan ń pín ara rẹ̀ sọ́nà mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ sọ́nà méjì ni sẹ́ẹ̀lì tó mọ ara rẹ̀ máa ń pín. Kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan. Wọ́n ti wọ inú ọ̀rá lọ, wọ́n fọ́n káàkiri bí olè tó gba ojú fèrèsé wọlé.

"Muideen," ó ní, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀. "Wá wo nǹkan."

Muideen bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Nígbà tó gbórí sókè, ojú ẹ̀ ti yí padà. "Dókítà, èyí kì í ṣe ti Nimat. Òkè ẹran tiẹ̀ ni wọ́n wà. Inú abọ́ omi ni wọ́n ti wá lẹ̀ mọ́ ọn."

"Ta ló ni wọ́n?"

Ẹ̀rù ba Adébísí: ẹnì kan wà níta, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, tí jẹjẹrẹ wà lára ẹ̀, ẹran ẹ̀ sì ti rìn kúrò lára súláìdì tirẹ̀ wá sórí ti ẹlòmíràn, kò lórúkọ, kò ní nọ́ńbà. Bí ó bá sì ti jẹ́ pé ó kà á kíákíá, ọmú ọmọ ọlọ́mọ ni wọn ì bá gé.

"Ta lo gé ṣáájú Nimat lọ́jọ́ tí o gé tiẹ̀?"

Muideen ṣí ìwé. "Màmá kan láti Ajégúnlẹ̀. Ìyá Dámiláre. Iná lọ bí mo ṣe ń gbé tiẹ̀ kúrò nínú omi, mo sáré lọ tan jẹnẹ́. Nígbà tí mo dé, mo rò pé mo ti fi bébà gbá ojú omi mọ́..."

Adébísí ò fẹ́ gbọ́ ìyókù. Òun fúnra ẹ̀ ló ka súláìdì màmá yẹn. Òun ló buwọ́ lù ú lọ́jọ́ Jímọ̀: kò sí jẹjẹrẹ. Wọ́n sì ti gba ìwé náà lọ.

Ó wá súláìdì ọ̀hún rí. Ìwé tí wọ́n kọ nígbà tí ẹran dé sọ pé ẹyọ mẹ́rin ni, tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Ó kà á lórí gíláàsì: mẹ́ta, àti kùkùté ọ̀kan. Ó gbé àwòrán ẹyọ aláìlórúkọ sórí kọ̀ǹpútà, ó fi ti kùkùté yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Etí tó ya bá etí tó ya mu, bí àpáàdì méjì láti ara ìkòkò kan. Òjò ń rọ̀ lórí páànù.

Muideen padà gé ìda màmá náà jinlẹ̀ sí i. Nígbà tí ẹyọ kẹrin jáde tán pátápátá, ibẹ̀ ni wọ́n wà, àwọn olójú ṣákaṣàka yẹn, wọ́n kún ún. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fi aró tó máa ń kun ẹ̀ṣọ́ ní àwọ̀ ilẹ̀ wò ó. Ìlà àwọ̀ ilẹ̀ yí àwọn ihò tó dáa ká, kò sì yí ẹyọ kan ká lára àwọn wọ̀nyẹn. Jẹjẹrẹ ni, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Fóònù Màmá ò lọ. Odò Ògùn ti kún, Ajégúnlẹ̀ sì ti wà lábẹ́ omi. Adébísí ní òun ò ní rán ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ló gbé òun àti Muideen gba àárín àdúgbò lọ. Kò sóhùn ọmọdé, kò sóhùn rédíò. Àwọn ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, omi ń wọlé ó ń jáde, bíi pé òun ló nilé báyìí. Aago ara ògiri kan ṣì ń lọ nínú pálọ̀ tí kò sẹ́nì kankan.

Lókè ilé alájà kan, obìnrin kan jókòó lójú fèrèsé, ó ń wò wọ́n bọ̀. Kò yà á lẹ́nu.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé Ìyá Dámiláre nìyẹn?" Adébísí kígbe. "Èmi ni dókítà tó ka ẹran yín."

"Mo ti ń retí yín láti ọjọ́ Jímọ̀," ó ní. "Ìwé ní kò sí nǹkan kan. Kókó náà ò gbọ́. Ó le bí èkùrọ́, ó ti ń fa awọ ara wọnú."

Adébísí gun òkè, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù. "Mummy, èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Mi ò ka ẹyọ mẹ́rin pé, mi ò sì bi dókítà tó fọwọ́ kan kókó yín bóyá ohun tí mo rí bá ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kàn mu. Jẹjẹrẹ ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ lónìí."

Omi ń lu àtẹ̀gùn nísàlẹ̀. Obìnrin náà fà á lápá dìde. "Ẹ dìde, ọmọ mi. Ẹ̀rù yìí ti pẹ́ lọ́rùn èmi nìkan. Ẹ bá mi gbé báàgì yẹn."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láàárín oṣù yẹn. Jẹjẹrẹ náà ò tíì tàn dé àwọn kókó abẹ́ abíyá. Adébísí kọ àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ó fún ìdílé náà ní ẹ̀dà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún Nimat ní ìwé tirẹ̀ pé kókó lásán ni. Òun àti Muideen jọ fi òfin kan lélẹ̀: a máa ń ka ẹyọ ẹran nínú ìgò tí wọ́n fi gbé e wá, a máa ń kà á lórí gíláàsì, bí kò bá dọ́gba, a ò buwọ́ lù ú.

Nígbà tí irun Ìyá Dámiláre, tí oògùn jẹjẹrẹ gbá lọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà, ó wá sí Ìkòsí, ó ní òun fẹ́ rí jẹjẹrẹ náà. Adébísí gbé gíláàsì sójú ẹ̀rọ, ó sì ṣàlàyé. Màmá tẹjú mọ́ ọn.

"Ṣé èmi nìyí?"

"Ara yín ni wọ́n ti wá, mà."

"Wọ́n ń wò mí," ó ní jẹ́ẹ́, ó sì fi ọwọ́ bo ojú ẹ̀rọ náà.